Èsì mùdùnmúdùn méjì tí kò bára mu: ẹ wá sọ ìrírí yín

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n yẹ mùdùnmúdùn bàbá mi wò nítorí ẹ̀yìn tó ń ro wọ́n àti ẹ̀jẹ̀ wọn tó ń lọ sílẹ̀. Nínú omi tí wọ́n fà, sẹ́ẹ̀lì pílásímà, irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà, jẹ́ ìdá 6 nínú 100. Nínú ègé egungun tí wọ́n gé lọ́jọ́ kan náà, ó jẹ́ ìdá 35. Èwo ni ká gbà?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Èyí tó pọ̀ jù ni kí ẹ mú. Máyẹlómà, ìyẹn jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì pílásímà, kì í tẹ́ bákan náà nínú egungun. Ó lè kún ibì kan fọ́fọ́, kó má sì sí ní ìtòsí rẹ̀. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe fà á. Àkọ́fà, tí kò yẹ kó ju mílílítà kan lọ, ló yẹ kí wọ́n tẹ́ sórí gíláàsì. Bí wọ́n bá fa púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀jẹ̀ lásán á ya wọ̀ ọ́, á sì là á bí ọbẹ̀ tí wọ́n bu omi sí. Ègé egungun kò ní wàhálà yìí, bó bá ṣáà ti gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2.

Bàbá Káyọ̀dé: Ṣé kì í ṣe ìdá 20 ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ti di jẹjẹrẹ ni?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ti lùkímíà líle, ìyẹn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó máa ń yára, nìyẹn, bàbá, sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì gbó ni wọ́n sì ń kà níbẹ̀. Ti máyẹlómà jẹ́ 10. Síbẹ̀ wọ́n á ṣì wo kídìnrín, kálísíọ́mù, ẹ̀jẹ̀ àti egungun mọ́ ọn.

Ìyá Ìbejì: Èmi ní tèmi, abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ara kú kò ràn mí! Nígbà tí wọ́n fà á, ó ta mí dé ẹsẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ó ràn yín, mà. Awọ ara àti ojú egungun ló ń kú. Oògùn náà kì í dé inú egungun, ìfà yẹn sì máa ń dunni fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Ará Láàbù: Nígbà mìíràn a ó fà, kò ní í jáde rárá. Àwọn ẹbí á ní dókítà ò mọṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì lùkímíà ló há mọ́ra níbẹ̀, tàbí pé inú egungun ti le bí àpá. Ègé egungun la ó wá rọra yí lórí gíláàsì kó tó wọ fọ́málínì, ká lè rí sẹ́ẹ̀lì wò.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ bá mi béèrè nǹkan kan: ṣé omi tó fi 6 hàn yẹn náà ni wọ́n fi yẹ kúrómósómù wò? Bí wọn kò bá kọ́kọ́ ṣa sẹ́ẹ̀lì pílásímà jọ, "a kò rí nǹkan kan" lè jẹ́ nítorí pé ohun tí wọ́n kà kò tó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀, sà. Ṣé ká ní kí wọ́n tún un fà?

Ará Láàbù: Ẹ kọ́kọ́ bi láàbù bóyá wọ́n ṣà á. Bí wọ́n bá ti ṣà á, kò sí ìdí láti tún gún bàbá.