Ọjọ́ ìbí, àyájọ́ ìbí, àti iye ọjọ́ tó kù

Akọ̀wé ẹgbẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti kó ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa sí òpó B nínú Excel. Mo fẹ́ kí C sọ ìgbà tí ọjọ́ ìbí wọn tún máa bọ́ sí, kí D sọ iye ọjọ́ tó kù. Kí ni kí n kọ sórí òpó kọ̀ọ̀kan?

Tíṣà: Ẹ fi "Ọjọ́ ìbí" sílẹ̀ fún B, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la bí èèyàn. Èyí tó ń padà wá lọ́dọọdún, àyájọ́ ni. "Àyájọ́ ìbí tó ń bọ̀" ni kí ẹ kọ sórí C, kí ẹ wá fi fọ́múlà yìí sí C2:

```
=DATE(YEAR(TODAY())+(DATE(YEAR(TODAY()),MONTH(B2),DAY(B2))<TODAY()),MONTH(B2),DAY(B2))
```

Ó ń wò ó bóyá àyájọ́ tọdún yìí ti kọjá. Bó bá ti kọjá, á fi 1 kún ọdún. Ẹ má fi `<=` dípò `<` o. Bí ẹ bá fi í, lọ́jọ́ àyájọ́ gan-an ni á ti olóhun sí ọdún tó ń bọ̀. D ò le: `=C2-TODAY()`. Bó bá gbé déètì ọdún 1900 jáde, ẹ yí òpó náà sí Number.

Bàbá Àgbà: Ẹ̀rọ yín ṣì í kà. Ká ní òní ni Sátidé, 7/3/2026, tí àyájọ́ ẹnì kan sì bọ́ sí 14/3, Sátidé kejì. Excel á ní 7. Yorùbá á ní òní di ọjọ́ mẹ́jọ. Ọmọ tí a bí ní Mọ́ńdè, Mọ́ńdè kejì la ń sọ ọ́ lórúkọ, ọjọ́ kẹjọ la sì ń pè é. Ẹ fi 1 kún un.

Tíṣà: Bàbá, bí ẹ ṣe kà á dáa, àmọ́ ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀. "Òní di ọjọ́ mélòó" ń ka òní mọ́ ọn. "Ó ku ọjọ́ mélòó" kì í kà á. Bí a bá fi 1 kún D, tí a sì fi "ọjọ́ tó kù" sílẹ̀ lórí rẹ̀, lọ́jọ́ àyájọ́ gan-an ni á máa sọ pé ó ku ọjọ́ kan. Bí ẹ bá fẹ́ ti Yorùbá, ẹ yí àkọlé pa dà pẹ̀lú fọ́múlà: "Òní di ọjọ́ mélòó", `=C2-TODAY()+1`.

Ìyá Ìbejì: 29/2/2008 ni mo bí àwọn tèmi. Mo dán fọ́múlà yín wò, 1/3/2027 ló gbé fún mi. 28 la máa ń ṣe é nílé wa!

Tíṣà: Bí 29 ò bá sí nínú oṣù, ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni `DATE` ń bọ́ sí. `EDATE` á dúró ní 28, àmọ́ èyí tí mo ti rí àwọn èèyàn ń kọ ni èyí:

```
=EDATE(B2,12*(DATEDIF(B2,TODAY()-1,"Y")+1))
```

Tó bá di 1/3/2027, D á sọ -1 fún àwọn ìbejì yín, torí àyájọ́ àná ló ṣì dì mú.

Bàbá Àgbà: Èmi ò tíì gbà fún "ọjọ́ tó kù" o. Ìjẹta ń kọ́? Ọjọ́ méjì péré ló wà láàárín òun àti òní, ẹ̀ta la sì fi sọ ọ́ lórúkọ.

Akọ̀wé ẹgbẹ́: Mo ti fi "Àyájọ́ ìbí tó ń bọ̀" sórí C. D ṣì ṣófo lókè.