Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kẹtamíìnì ti kàn rí, ẹ wá sọ tiyín

Adéwálé
Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ gbọ́ ìrírí yín. Wọ́n gún ẹ̀gbọ́n mi ní kẹtamíìnì nígbà tí wọ́n fẹ́ da eegun apá rẹ̀ tó yẹ̀ padà. Kò mọ nǹkan kan, ó sì jí láìsí wàhálà. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi rèé, oògùn yìí kan náà ló ń fà símú níbi fàájì, kò wá lè jókòó wákàtí kan mọ́ kó má lọ tọ̀. Kí ló fà á?

Ṣèyí
Bí àbúrò ọ̀rẹ́ yín ṣe wà lèmi náà wà. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi fà á, nígbà tó yá, gíráàmù méjì lójúmọ́ ni. Ìtọ̀ kọ́kọ́ ń gbọ̀n mí lóru, ìrora tẹ̀ lé e, ẹ̀jẹ̀ sì tẹ̀ lé ìrora. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fún mi ní oògùn apakòkòrò, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni àyẹ̀wò ìtọ̀ ní kò sí kòkòrò kankan. Mi ò sọ ohun tí mò ń fà fún ẹnikẹ́ni. Dókítà kẹrin ló ní kí n máa tọ̀ sínú ife oníwọ̀n fún ọjọ́ mẹ́ta, kí n máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. 60 mílílítà. 50. 70. Ní ogún-ogún ìṣẹ́jú. Ó wo ìwé náà títí, ó ní, "Ṣé kẹtamíìnì lo ń fà?" Ẹkún ni mo bú sí.

Ìyá Ìbejì
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi.

Káyọ̀dé
Ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ọn ló ń ṣe é. Ògidì rẹ̀ kò lè pani lára, ṣebí òun ni wọ́n fi ń kun èèyàn lóorun.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá
Káyọ̀dé, lóòótọ́ ni wọ́n ń bù lù ú, ṣùgbọ́n wọ́n ti fún eku ní ògidì, àpò ìtọ̀ wọn sì bàjẹ́. Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ́ ọ, kíndìnrín á sì dà á sínú ìtọ̀. Inú àpò ìtọ̀ ló ti ń dúró, tó ń jẹ awọ ibẹ̀. Ẹni tí a gún lẹ́ẹ̀kan á tọ̀ ọ́ dànù, ó parí. Ẹni tó ń fà á lójoojúmọ́, egbò àná kò tíì jinná tí tòní fi dé. Bó bá pẹ́, ara àpò náà á le, á sì sún kì. Èyí tó ń gba bíi 400 mílílítà tẹ́lẹ̀ kò ní gba 100 mọ́.

Ní yàrá iṣẹ́ abẹ, a fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Èyí tó pọ̀ nínú oògùn oorun ló ń dín èémí kù, tó sì ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bí a bá fún èèyàn ní kẹtamíìnì níwọ̀n, ó sábà máa ń mí fúnra rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀ púpọ̀, òun ni mo máa ń rántí fún un.

Àlàbí
Oògùn ẹṣin mà ni!

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá
Àti ti èèyàn, láti 1970.

Ìyá Ìbejì
Òun ni wọ́n fún mi nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń tọ̀ lemọ́lemọ́. Ṣé òun ni?

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá
Rárá, Mà. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ yẹ ìtọ̀ yín àti ṣúgà wò.

Ọláìtán
Ìsoríkọ́ ló gbé mi dé ìdí rẹ̀. Oríṣi oògùn méjì ti kùnà lára mi. 60 kílò ni mo wọ̀n, 30 mílígíráàmù ni wọ́n ń kán sí mi níṣan fún ogójì ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Lọ́jọ́ kejì èyí àkọ́kọ́, mo dìde, mo wẹ̀, ohun tí mi ò ṣe láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó máa ń rọlẹ̀ tó bá yá, ìdí nìyẹn tí a fi ń tún un ṣe. Ṣèyí, gíráàmù méjì tìrẹ lójúmọ́ ju ìlọ́po ọgọ́ta ìjókòó kan tèmi lọ.

Káyọ̀dé
Tó bá wá di ọdún márùn-ún tí o ti ń gbà á ńkọ́?

Ọláìtán
Ẹ̀rù ìyẹn ń bà mí. Wọ́n máa ń bi mí nípa ìtọ̀ kí wọ́n tó fún mi.

Ṣèyí
Ohun tó mú mi pẹ́ ni pé kò sí ohun tó ń pa ìrora yẹn bíi kẹtamíìnì fúnra rẹ̀. Ohun tó dá egbò ni mo fi ń tọ́jú egbò. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí mo jáwọ́, ife ka 180. Ẹni tí a jọ ń fà á kò jáwọ́. Sikáànì fi hàn pé kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti wú, torí ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà sọ̀kalẹ̀ ti fún. Wọ́n gé lára ìfun rẹ̀ láti fi fẹ àpò ìtọ̀ rẹ̀. Ó tún padà sídìí rẹ̀, ìrora sì ti bẹ̀rẹ̀ padà.

Adéwálé
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe àbúrò yẹn. Apakòkòrò ẹlẹ́ẹ̀kejì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì sọ fún dókítà. Ó ní kí n bá òun lọ lọ́la.

Ṣèyí
Ẹ mú ife lọ́wọ́.