Mótọ̀ olóòfà tàbí indọ́kṣọ̀n fún fáànù ilé oúnjẹ ẹja l'Ódogúnyàn?

Baba Oúnjẹ Ẹja
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní fáànù kan tó ń gbẹ oúnjẹ ẹja tí à ń ṣe ní Odogúnyàn, Ìkòròdú. Indọ́kṣọ̀n 7.5 kìlówáàtì ni mótọ̀ rẹ̀, ìyípo 1450 ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì ti tún un wé lẹ́ẹ̀mejì. Díráìfù ló ń darí eré rẹ̀. 40 Hz la sábà máa ń fi í sí, wákàtí 16 lójúmọ́. Ẹnìkan ní kí n ra mótọ̀ olóòfà, pé owó iná yóò wálẹ̀ gan-an. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ṣé kí n rà á?

Iná Kò Gbọdọ̀ Kú
Ẹ rà á, sà. Òòfà ti wà nínú rótọ̀, apá tó ń yí nínú mótọ̀, fúnra rẹ̀, kò sí iná kankan tó ń ṣòfò níbẹ̀ bíi ti indọ́kṣọ̀n. Ìdajì owó iná yín ló máa lọ. Ẹ kàn yọ ti àtijọ́, kí ẹ so tuntun mọ́ díráìfù kan náà, ó parí.

Adé Sólà
Bàbá, ẹ má ra ínfátà tó bá kéré ju 10 kVA lọ, kí ẹ sì ra bátìrì lítíọ́ọ̀mù. Mótọ̀ máa ń fa iná púpọ̀ tó bá fẹ́ gbéra.

Baba Oúnjẹ Ẹja
Ẹ ṣé o, Adé. Àmọ́ kì í ṣe ínfátà bátìrì ni mò ń béèrè. Díráìfù wà níbẹ̀, mótọ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi.

Ọ̀gá Bíárìn, Àgbádárìgì
Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ohun tí Iná Kò Gbọdọ̀ Kú sọ nípa rótọ̀ tọ̀nà. Nínú indọ́kṣọ̀n, rótọ̀ gbọ́dọ̀ máa rẹ̀yìn díẹ̀ sí òòfà tí iná ń mú yí ká a, torí ìrẹ̀yìn yẹn ló ń mú iná wọ inú rẹ̀. Ìdí rèé tí wọ́n fi kọ 1450 sí ara mótọ̀ yín dípò 1500. Bó bá ṣe rẹ̀yìn tó ni agbára tó ń di ooru nínú rótọ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Olóòfà kì í rẹ̀yìn rárá. Àmọ́ ìdajì owó iná kọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiyín.

Tí eré fáànù bá dín kù sí ìdá 80 nínú 100, agbára tó ń fẹ́ á di 0.8 × 0.8 × 0.8, ìyẹn ìdajì àti díẹ̀. Ká ní ó ń gba 6.4 kìlówáàtì ní 50 Hz, á máa gba 3.3 ní 40 Hz. Mótọ̀ tí wọ́n ti wé lẹ́ẹ̀mejì lè má sọ ju ìdá 84 nínú 100 iná tó wọlé di iṣẹ́ níbẹ̀, ìyẹn ni pé á máa fa 3.93. Olóòfà tó dáa á ṣe ìdá 92, á fa 3.59. Ìyàtọ̀ wọn, 0.34, ní wákàtí 16, jẹ́ yúnìtì 5 àti ààbọ̀ lójúmọ́. Lílò tí ẹ ń lo 40 Hz dípò 50 ti ń gba yúnìtì tó lé ní 50 sílẹ̀ fún yín lójúmọ́. Díráìfù ti ṣe èyí tó pọ̀ jù.

Ẹ tún wo èyí. Indọ́kṣọ̀n tuntun tí wọ́n kọ IE3 sí lára, ìyẹn ipele tí kì í fi iná ṣòfò púpọ̀, lè ṣe nǹkan bí ìdá 88 àti ààbọ̀ ní irú eré yẹn, á fa 3.73. Nínú yúnìtì 5 àti ààbọ̀ yẹn, ó lé ní 3 tí ẹ máa rí tí ẹ bá kàn pààrọ̀ mótọ̀ àtijọ́ sí indọ́kṣọ̀n tuntun. Nǹkan bíi 2 péré ni ti òòfà. Tó bá jẹ́ pé 25 Hz lẹ sábà ń lò, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀, torí indọ́kṣọ̀n á ṣì máa fa iná tó fi ń dá òòfà tirẹ̀ sílẹ̀ bí iṣẹ́ tilẹ̀ kéré. Ibẹ̀ ni olóòfà ti máa ń fi í sílẹ̀ jìnnà.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Díráìfù ẹ̀rọ omi mi kú lálẹ́ ọjọ́ kan. Oníṣẹ́ iná mi yọ ọ́ kúrò, ó so mótọ̀ mọ́ jẹnẹrétọ̀ tààrà, ẹja kan ò kú. Ṣé olóòfà lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ọ̀gá Bíárìn, Àgbádárìgì
Rárá o, Ìyá wa. Olóòfà tí a fi ṣe iṣẹ́ díráìfù kò lè gbéra fúnra rẹ̀ lórí iná tààrà. Á máa gbọ̀n, á máa fa iná rẹpẹtẹ, kò ní yí, ó sì lè ba òòfà inú rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ní díráìfù kejì nílẹ̀. Díráìfù náà sì gbọ́dọ̀ mọ olóòfà í darí. Àwọn kan kò mọ̀ ọ́n, àwọn tó mọ̀ ọ́n náà fẹ́ kí a yan irú mótọ̀, kí a tẹ gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ sí i, kí ó sì wọn mótọ̀ náà kó tó ṣiṣẹ́. Torí náà, ọ̀rọ̀ "ẹ kàn so ó mọ́ díráìfù kan náà" yẹn, ẹ kọ́kọ́ yẹ ìwé díráìfù wò.

Ohun kan wà tó ti jẹ èrè ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní 40 Hz, indọ́kṣọ̀n yín kì í ṣe ìyípo 1200. Ká sọ pé 1173 ló ń ṣe. Tí ẹ bá ní kí olóòfà ṣe 1200, fáànù á sáré jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, ohun tó ń gbà á sì fò láti 3.3 sí 3.53. Mótọ̀ á máa fa 3.84, èrè 0.34 á ṣẹ́kù 0.09. Ẹ máa sọ pé òòfà ò wúlò, nígbà tó jẹ́ pé ẹ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ẹ ò nílò. Iye ìyípo tí ẹ wọ̀n lára ọ̀pá ni kí ẹ fi sí i. Hz ọjọ́sí kò ní bá a mu. Tí olóòfà bá ní orí òòfà mẹ́fà, 58.65 Hz ló máa fi ṣe 1173 yẹn.

Kọ́ìlì Ìta Ẹlẹ́wà
Iṣẹ́ wíwé mótọ̀ ni mò ń ṣe níbí ní Ìkòròdú. Wíwé olóòfà kò le, yíyọ rótọ̀ ló le. Á fa mọ́ irin bíi pé kò ní tú mọ́, ó lè fọ́ ọwọ́ èèyàn, gbogbo ègé irin tó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ló sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má gbé e fún ẹni tí kò ní irinṣẹ́ tó ń fà á jáde ní tààrà. Ohun mìíràn rèé: tí atẹ́gùn bá ń yí fáànù yẹn nígbà tí ẹ ti pa á, iná wà lẹ́nu wáyà rẹ̀. Ẹ de apá fáànù náà mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Iná Kò Gbọdọ̀ Kú
Mo gba ọ̀rọ̀ ìdajì yẹn. Àmọ́ jẹnẹrétọ̀ la fi ń ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ìgbà níbí, yúnìtì dísẹ́ẹ̀lì kì í ṣe iye kan náà pẹ̀lú ti ìlà. Yúnìtì 2 lójúmọ́ lè pa owó òòfà wọlé lára ẹni tó ń sun dísẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀gá Bíárìn, Àgbádárìgì
Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Owó tí olóòfà fi ju ti IE3 lọ ni kí ẹ fi owó yúnìtì 2 yẹn pín, kí ẹ wá wo iye ọjọ́ tó jẹ́. Tí díráìfù tuntun bá tún wọ̀ ọ́, ẹ fi kún un.

Baba Oúnjẹ Ẹja
Ẹ ṣeun púpọ̀. Màá ní kí wọ́n wọn ìyípo ọ̀pá àti iná tó ń wọ díráìfù ní 40 Hz lọ́sẹ̀ yìí, màá sì ya àwòrán ìwé díráìfù náà síbí. Ọ̀gá, ooru ibi tí mótọ̀ wà pọ̀ o, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ oúnjẹ ni. Ṣé òòfà ò ní rẹ̀ níbẹ̀?

Ọ̀gá Bíárìn, Àgbádárìgì
Ó lè rẹ̀, tí ooru bá kọjá èyí tí irú òòfà inú rẹ̀ lè gbà, kì í sì í padà. Ẹ wọn ooru ibẹ̀ ní ọ̀sán, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á pé ìwọ̀n ooru mélòó ni òòfà yẹn gbà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Tí kò bá lè kọ ọ́, IE3 ni kí ẹ rà.