Búùṣì kíì tó há sí orí gìtá: bí a ṣe ń yọ ọ́ tí igi kò fi ní là

Onígìtá Àjàrá: Ẹ kú iṣẹ́ o. Gìtá ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Badagry níbí la fẹ́ pààrọ̀ kíì rẹ̀, ìyẹn èyí tí a fi ń fa wáyà le. Búùṣì, òrùka irin tí ọ̀pá kíì ń gbà kọjá lójú igi, márùn-ún ti jáde, ó ku èyí tó sún mọ́ etí igi jù. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti yí i ká. Nígbà tí mo ki sikurudíráfà bọ abẹ́ rẹ̀, mo rí ìlà tín-ínrín lára fáníìṣì, mo bá dáwọ́ dúró.

Bọ̀dá Ẹ̀pẹ́: Ẹ ta kẹrosíìnì sí i, kó sùn mọ́jú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń tú nọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi.

Káfíńtà Ìgbógbó: Bọ̀dá, irin tó di irin mú ni kẹrosíìnì ń tú. Igi ló di irin mú níbí. Epo yẹn á wọnú igi, gúlúù kò sì ní mú níbẹ̀ mọ́.

Ẹ wo imú búùṣì náà. Bó bá ní igun mẹ́fà, sípánà 10 lẹ ó fi tú u. Bó bá rí roboto, ńṣe ni wọ́n fipá tì í wọlé, òun ló sì ń dani láàmú. Sikurudíráfà ń gbé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìdí rẹ̀ á wá máa ti ara ihò lódìkejì, ibẹ̀ ni igi ti ń là.

Ẹ fi abẹ tuntun fa ìlà yí etí rẹ̀ ká, kó má baà ṣí fáníìṣì. Ẹ ki ẹnu áyọ́ọ̀nù wátì 40 tí àwọn onírédíò fi ń jó wáyà sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kó má kan igi, kí ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Bí irin ṣe wú tó tún sún kì ló ń já a kúrò lára igi. Ẹ má fi iná tó ń jó fòfò kàn án o.

Ẹ wá bóòtì tó ń lo sípánà 8, tó gùn tó sẹ̀ntímítà 6. Ẹ fi fáìlì ha igun orí rẹ̀ títí á fi roboto, kó lè gba ihò ẹ̀yìn láìha igi. Ihò yẹn kì í sábà ju nǹkan bíi mílímítà 8.7 lọ. Ẹ tì í láti ẹ̀yìn gba inú búùṣì jáde síwájú. Ẹ fi pátákó pẹlẹbẹ tí ẹ lu ihò sí tẹ́ igi, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì 14 dẹnu dé búùṣì lórí rẹ̀, kí wáṣà ńlá àti nọ́ọ̀tì tẹ̀ lé e. Ìdá mẹ́rin yíyípo kan ni kí ẹ máa yí nọ́ọ̀tì lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá gbọ́ “kẹ́” tí nọ́ọ̀tì sì rọ̀, ó ti ń bọ̀ nìyẹn. Bó bá ń le sí i láìsí ìró, ẹ tú u sílẹ̀, kí ẹ tún búùṣì gbé gbóná.

Ìyá Kọ́yà: Kíì tèmi máa ń le tí mo bá ń yí i. Ṣé búùṣì náà ni?

Káfíńtà Ìgbógbó: Ẹ tú wáyà kúrò lára rẹ̀ ná, mà. Bó bá ṣì le, ẹ yẹ jíà rẹ̀ wò.

Onígìtá Àjàrá: Ìlà tín-ínrín yẹn ńkọ́?

Káfíńtà Ìgbógbó: Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò láti ẹ̀yìn. Bí ìlà náà bá dé ara ihò, igi ló ti ń là. Ẹ da gúlúù igi sí i, kí ẹ fi kíláǹpù dì í títí di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó fa búùṣì rárá.

Bọ̀dá Ẹ̀pẹ́: Áyọ́ọ̀nù yẹn ni mi ò fara mọ́. Fáníìṣì gìtá àtijọ́ máa ń rọ̀ bí ooru bá kàn án. Bóòtì yẹn nìkan ni èmi ó lò.

Káfíńtà Ìgbógbó: Bí fáníìṣì bá ti gbó, ẹ fi bóòtì bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ìpẹtà ti dì mú báyìí, mi ò rò pé ó máa jáde láìgbóná.