Àbọ̀ rèé lórí ẹ̀dínwó òróró àgbọn mi, Badagry

Ìbéèrè mi: "Mo fẹ́ fi ẹ̀dínwó fa oníbàárà, àmọ́ mi ò fẹ́ kí ọjà mi di pọ́ọ́kú, mi ò sì fẹ́ pàdánù èrè. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ ṣé o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá mi lóhùn. ₦3,500 ni ìgò kan ń ná mi, ₦5,000 ni mò ń tà á. Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n bọ́ ₦1,000 kúrò ò parọ́, èrò á pọ̀. Àmọ́ Màmá aláṣọ ní kí n ṣírò èrè, kì í ṣe owó ọjà: ₦1,500 á di ₦500, ìgò 40 tí mò ń tà lọ́sẹ̀ á ní láti di 120 kí èrè mi tó pé bíi ti tẹ́lẹ̀. Ta ló fẹ́ rin àgbọn yẹn?

Mi ò fọwọ́ kan iye owó. Ẹni tó bá ra méjì ni mo fún ní ọṣẹ dúdú kan tí mo rà ní ₦300, ọjọ́ mẹ́ta péré. Ìgò 68 ló lọ lọ́sẹ̀ yẹn, méjì-méjì; èrè ₦91,800.

Ọ̀sẹ̀ kejì, 26 péré. Wọ́n ti rà á pamọ́! Tí mo bá pa ọ̀sẹ̀ méjèèjì pọ̀, ₦10,800 ni mo fi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tuntun mẹ́sàn-án wà níbẹ̀ ṣá, mo ṣì ń wò ó bóyá wọ́n á padà wá.