Ìbínú ni mo fi kọ ọ́, iná ló gbà mí

Ìyá Sítọ́ọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ tèmi. Sítọ́ọ̀ ilé iṣẹ́ kan n'Íbàdàn ni mo wà. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, aago mẹ́rin ku díẹ̀, ni ímeèlì kan wọlé láti ọ̀dọ̀ arákùnrin tó ń ṣe ìṣirò owó wa l'Ékòó. Ìlà mẹ́ta péré. Ó ní ìròyìn oṣù pẹ́ nítorí pé sítọ́ọ̀ ò tíì fi iye ọjà ránṣẹ́, "bí wọ́n ṣe máa ń ṣe". Ó wá fi ọ̀gá àwa méjèèjì sínú CC. Èmi tí mo ti fi í ránṣẹ́ láti àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun!

Orí mi gbóná. Mo tẹ "Reply all", mo sì kọ èyí. Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ ọ́, mo kàn ń sọ ọ́ lédè wa fún yín ni:

"Ṣé o tiẹ̀ máa ń ka ímeèlì rẹ? Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti fi í ránṣẹ́. Gbogbo ìgbà lo máa ń di ẹ̀bi rẹ ru sítọ́ọ̀. Bí iṣẹ́ bá ti ju agbára rẹ lọ, sọ fún ọ̀gá kí wọ́n wá ẹlòmíì. Má bà mí lórúkọ jẹ́ mọ́."

Mi ò fi í ránṣẹ́. Kì í ṣe pé mo ní sùúrù o, iná ló lọ, ráútà sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, mo ń ka ohun tí mo kọ lórí láptọ́ọ̀pù. Mo wá ń kà á bí ẹni pé èmi ni ọ̀gá. Gbólóhùn márùn-ún ni mo kọ, ẹyọ kan ṣoṣo ló sọ nǹkan tí ọ̀gá lè lò: ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Èébú ni ìyókù. "Gbogbo ìgbà" yẹn gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo lè rántí pé ó ti ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá bi mí pé ìgbà wo àti ìgbà wo, kí ni màá sọ?

Nígbà tí iná dé, mo lọ wo "Sent" kí n lè mú wákàtí náà jáde. Aago 9:14 àárọ̀ ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ orí ímeèlì oṣù kẹta ni mo ti tẹ "Reply", mi ò yí àkọlé padà. "Iye ọjà oṣù kẹta" ló ń rí lọ́dọ̀ tirẹ̀, lábẹ́ àwọn ímeèlì àtijọ́. Ara mi rọ̀ díẹ̀. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ nìyí:

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mo fi iye ọjà oṣù kẹrin ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:14 àárọ̀. Orí ímeèlì oṣù kẹta ni mo fi í sí, ó lè jẹ́ ìdí tí ẹ ò fi rí i nìyẹn. Mo tún so fáìlì náà mọ́ èyí, mo sì ti tún àkọlé rẹ̀ kọ. Bí nǹkan kan bá kù níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n mọ̀ kó tó di aago mẹ́wàá ọ̀la, kí n lè tún un ṣe."

Mi ò yọ ọ̀gá kúrò nínú CC, torí ojú ọ̀gá ni wọ́n ti fẹ̀sùn kàn mí. Ṣùgbọ́n mi ò fèsì sí "bí wọ́n ṣe máa ń ṣe" yẹn. Ó ṣì ń dùn mí. Ṣé mo ṣe é re?

Ọmọ Abẹ́òkúta

Màmá, ẹ̀ ń da ara yín láàmú. Gmail ní "Undo Send". Ẹ kọ gbogbo ohun tó wà nínú yín, ẹ fi ránṣẹ́, ara á tù yín, ẹ wá fà á padà. Outlook náà ní "Recall". Kò sí wàhálà.

Alátùn-únṣe Kọ̀ǹpútà

Àbúrò, má ti màmá sínú kòtò. "Undo Send" wà lóòótọ́, àmọ́ ìṣẹ́jú àáyá 5 ni Gmail máa ń fún èèyàn, àfi tó o bá lọ yí i nínú "Settings", 30 sì ni òpin rẹ̀. Ìbínú wo ló ń lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30? Ti "Recall", ó dìgbà tí ẹ̀yin méjèèjì bá wà lórí Outlook ilé iṣẹ́ kan náà. Bó bá ti jáde sí Gmail tàbí ibòmíì, ó ti lọ nìyẹn. Mo ti rí ibi tí ẹni náà ti gba ìfitónilétí pé wọ́n fẹ́ fa ímeèlì padà lọ́wọ́ òun, tó wá sáré lọ kà á.

Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo máa pa orúkọ inú "To" rẹ́ kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kankan. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì kan "Send", kò ní lọ.

Ìyá Ìbejì

Ọ̀rọ̀ yìí bá mi mu gan-an. Lánlọ́ọ̀dù mi ni mo sọ̀rọ̀ burúkú sí lórí Wọ́sáàpù, fóìsì nóòtì ìṣẹ́jú mẹ́rin, nítorí omi. Mo pa á rẹ́, ó ní òun ti gbọ́. Báwo ni kí n ṣe báyìí? Owó ilé ku oṣù kan.

Alátùn-únṣe Kọ̀ǹpútà

Ìyá Ìbejì, ímeèlì ibi iṣẹ́ là ń sọ o. Ti lánlọ́ọ̀dù, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ bá a.

Ará Lọ́ńdọ̀nù

Èmi rọ tèmi lójú jù, ó sì bù mí jẹ. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ pa iṣẹ́ tì, ó wá kọ̀wé pé èmi ni mo dá a dúró. Mo pa gbogbo ọ̀rọ̀ líle rẹ́, mo wá fi "sọ́rì nípa ìdádúró yìí" bẹ̀rẹ̀. Ní inú mi, "ẹ pẹ̀lẹ́" ni mo ń sọ. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó fẹsẹ̀ kọ là ń kí ní pẹ̀lẹ́, kì í ṣe pé àwa la gbé òkúta síbẹ̀. Òyìnbó ò kà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tá a jókòó ìpàdé, wọ́n ka ìlà yẹn sókè pé mo ti gbà pé èmi ni mo jẹ̀bi. Láti ìgbà náà, "mo mọ̀ pé ìdádúró yìí ṣòro fún yín" ni mò ń kọ, ọjọ́ àti fáìlì á tẹ̀ lé e. Ìyá Sítọ́ọ̀, ó dára tí ẹ ò tọrọ àforíjì ohun tí ẹ ò ṣe.

Bàbá Fẹ̀yìntì

Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, mi ò fara mọ́ dídákẹ́ yẹn. Ímeèlì kì í kú. Bí wọ́n bá ṣí i lọ́dún méjì òní, "bí wọ́n ṣe máa ń ṣe" á ṣì wà níbẹ̀, kò ní sí èsì. Gbólóhùn kan tó: "Ọjọ́ tí sítọ́ọ̀ fi iye ọjà ránṣẹ́ láti oṣù kìíní nìyí," kí ẹ wá to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ má fi "ẹ wò ó fúnra yín" sí i.

Ìyá Sítọ́ọ̀

Ẹ ṣé, bàbá. Mo ti wo àwọn ọjọ́ náà. Ti oṣù kejì, ọjọ́ méjì ni mo fi pẹ́. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ bóyá kí n tò ó tàbí kí n má tò ó.

Arákùnrin yẹn fèsì láàárọ̀ yìí. "Mo ti rí i, ẹ ṣé." Kò fi ọ̀gá sínú CC.