Báwo ni mo ṣe lè ya St tó jẹ́ Street sọ́tọ̀ kúrò lára St tó jẹ́ Saint?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àjàṣẹ́ ni mo wà, mò ń tún àdírẹ́sì àwọn oníbàárà wa ní Èkó ṣe nínú Google Sheets: Cl di Close, Ave di Avenue, Cres di Crescent. Rd ló kọ́kọ́ dà mí láàmú, torí ó ń sọ 3rd Avenue di 3Road Avenue. Èyí ló tán ìyẹn:

```
=REGEXREPLACE(A2;"(?i)\bRd\b\.?";"Road")
```

St ló wá kù. Saint ni nínú St Finbarr's College Rd, Street ni nínú Broad St. Mo ní kó pààrọ̀ èyí tí kọ́mà tẹ̀ lé nìkan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló wà bíi "Broad St Lagos Island", láìní kọ́mà rárá. Ṣé kí n to orúkọ àdúgbò sínú fọ́múlà náà, kó fi mọ ibi tí orúkọ òpópónà parí, àbí ọ̀nà tó dára ju ìyẹn lọ wà?